Ẹ Fẹ́ Tú Ká Lórí Fíìmù Tí Ẹ Jọ Ṣe? Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣe É Tí Fíìmù Náà Kò Fi Ní Há Sáàárín Yín

Èèyàn méjì jọ ṣe fíìmù. Aáwọ̀ dé. Ọ̀kan sọ lórí fóònù pé òun ò ṣe mọ́, èkejì ní kò burú, wọ́n sì jáde kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp tí wọ́n jọ wà. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan fẹ́ ra fíìmù yẹn, wọ́n ní kí ẹni tó ń tà á mú ìwé wá pé òun ló ni ín. Ìwé kò sí. Ẹni tó jáde ní òun ò fi ìdajì òun sílẹ̀ fún ẹnì kankan. Ẹni tó dúró ní ṣebí ìwọ lo sọ pé o ò ṣe mọ́. Olùrà gbọ́ ariwo, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó fà á ni pé nǹkan méjì ló wà nílẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fọwọ́ kàn. Àkọ́kọ́ ni àjọṣe, ìyẹn àdéhùn pé a ó jọ máa ṣiṣẹ́. Èkejì ni ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe tán. Ẹ lè parí àjọṣe lónìí kí ẹ sì jọ máa ni fíìmù náà lọ fún àádọ́ta ọdún, torí pé 50 ọdún ni ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí fíìmù fi ń wà ní Nàìjíríà. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí bí ẹ ó ṣe parí méjèèjì pọ̀. Fíìmù tí ẹni méjì ṣe ní Nàìjíríà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, mo sì máa ya sórí ìwé tí èèyàn méjì jọ kọ níbi tó bá yàtọ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni sípàdé. Ẹ kọ́kọ́ wá àwọn nǹkan wọ̀nyí:

- Àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí, tó bá wà. Tí kò bá sí, gbogbo ímeèlì àti ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ẹ ti sọ nípa owó àti bí ẹ ó ṣe pín in.
- Àkọsílẹ̀ báńkì látọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ ti jáde títí di òní, àti àwọn rìsíìtì.
- Ìwé tí àwọn òṣèré, ẹni tó kọ ìtàn, ẹni tó ṣe orin àti ẹni tó ni ilé tí ẹ ti ya fíìmù fọwọ́ sí.
- Gbogbo ìwé tí ẹ fi ta fíìmù náà tàbí tí ẹ fi yá ẹlòmíì lò.
- Ìwé ẹ̀rí tí NFVCB, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, fún yín.
- Àkọsílẹ̀ owó tó wọlé látinú YouTube, lóṣooṣù.

Àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn, ẹ kó o jáde kúrò lórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Fóònù a máa sọnù, ẹnìkan sì lè pa ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rẹ́.

Ìpele 1: Ẹ mọ ẹni tó ni fíìmù náà lónìí

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo ibí yìí torí wọ́n gbà pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, ẹni tí òfin kà sí oníṣẹ́ fíìmù ni ẹni tó ṣètò bí wọ́n ṣe ṣe é, àyàfi tí àwọn tó jọ ṣe é bá ti kọ nǹkan mìíràn sínú àdéhùn. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó mú owó wá ló ni fíìmù. Ẹni tó yá yín lówó, ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè ni. Ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́ kámẹ́rà, owó iṣẹ́ ló ní. Bákan náà, olùdarí tí kò kópa nínú ètò, tí ẹ kàn pè wá darí, kò di ẹni tó ni fíìmù torí pé orúkọ rẹ̀ tóbi lójú pósítà.

Ẹ ka àdéhùn yín láti wá ohun mẹ́ta: ta ni wọ́n pè ní ẹni tó ni iṣẹ́ náà, ọjọ́ mélòó ni ẹni tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀, àti ọ̀nà wo ni ìkìlọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ gbà dé ọwọ́ ẹnì kejì. Tí àdéhùn bá ní kí ẹ kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì kan, ọ̀rọ̀ orí fóònù kò tó. Ibẹ̀ ni lọ́yà ẹnì kejì máa kọ́kọ́ gbá mú.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìtàn tí wọ́n fi ṣe fíìmù ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ lè má ní fíìmù náà, síbẹ̀ kó ni ìtàn, títí kan ẹ̀tọ́ láti ṣe apá kejì. Mo ti rí ibi tí ẹnìkan san owó tán lórí fíìmù, tó wá rí i pé òun ò lè ṣe apá kejì torí pé ẹni tí òun lé jáde ló ni ìtàn.

Tó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC ló ni fíìmù, ẹni tó ń jáde kò ní ẹ̀tọ́ àdàkọ kankan tó lè tà. Ṣíà ló ní. Ọ̀nà míì ni ẹ máa gbà yẹn: ẹ ó gbé ṣíà láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíì, ẹ ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́, ẹ ó sì jẹ́ kí CAC mọ̀. Ìṣirò owó tó wà nísàlẹ̀ ṣì wúlò fún yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé ẹ lè fi gbólóhùn kan sọ pé "lágbájá àti làkáṣègbè ló ni fíìmù yìí, lágbájá ló ni ìtàn rẹ̀", kí ẹ sì nawọ́ sí ìwé tó ti gbólóhùn yẹn lẹ́yìn? Tí ìwé kò bá sí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ sínú ìwé ìpínyà nìyẹn.

Ìpele 2: Ẹ dá ọjà dúró

Òfin wa nípa àwọn tó jọ ni iṣẹ́ kan ní ohun kan tó yẹ kí gbogbo oníṣẹ́ mọ̀. Tí ọ̀kan nínú yín bá ta ẹ̀tọ́ tàbí tó fún ẹnìkan láyè láti lo fíìmù náà, ó dà bí ẹni pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ fún un. Ohun tó kù fún ẹ̀yin tí wọn kò sọ fún ni ìpín yín nínú owó tó wọlé, ẹ ó sì máa sá tẹ̀lé e kí ẹ tó rí i gbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn tó jọ ni ín ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ní alábàáṣe ní London, ẹ má rò pé òfin tó mọ̀ lọ́hùn-ún lè dáàbò bò ó níhìn-ín.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwé kékeré kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà, kí ẹ tó jókòó lórí owó. Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ọjọ́ báyìí, títí a ó fi fọwọ́ sí ìwé ìpínyà, kò sí ẹni tó máa ta fíìmù yìí, tó máa yá a, tó máa yọ ọ́ kúrò lórí YouTube tàbí tó máa gbé e sórí ibòmíì láìjẹ́ pé ẹnì kejì fọwọ́ sí i. Owó tó bá ń wọlé, kó máa wọlé síbi tó ti ń wọlé tẹ́lẹ̀, kí ẹni tó ń gbà á má ná an. Ẹ fi ọjọ́ tó máa parí sí i, bíi 60 ọjọ́, kó má baà di pé ẹnìkan ń fi ìdádúró jẹ ẹnì kejì níyà.

Ẹ jọ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá ti mọ àwọn olùrà tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ pẹ̀lú wọn, ẹ jọ fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí wọn pé ìjíròrò dúró títí di ọjọ́ báyìí. Ẹ má sọ ìdí. Ẹ má bú ara yín níbẹ̀. Olùrà tó bá gbọ́ pé ìjà wà máa dín owó kù, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó sì pàdánù.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà jù ni pípa fíìmù rẹ́ lórí YouTube nítorí ìbínú. YouTube kò lè gbé fídíò láti ìkànnì kan lọ sórí ìkànnì mìíràn pẹ̀lú iye àwọn tó ti wò ó. Tí ẹ bá pa á rẹ́, iye àwọn tó wò ó àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí òdo nìyẹn tí ẹ bá tún gbé e síbòmíì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí wà, ó sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí? Ṣé fíìmù náà ṣì wà níbi tó wà?

Ìpele 3: Ẹ ṣe ìṣirò, kí ẹ ya gbèsè sọ́tọ̀ kúrò lára owó ìràpadà

Ibí ni ìjà wà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀. Ká sọ pé olówó kan mú ₦6,000,000 wá. Oníṣẹ́ kan kọ ìtàn, ó darí fíìmù, ó sì mú kámẹ́rà rẹ̀ wá. Wọ́n jọ fẹnu kò pé iṣẹ́ àti kámẹ́rà yẹn tó ₦4,000,000. Wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé owó tí olówó mú wá ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá padà, lẹ́yìn náà kí wọ́n pín èrè sí méjì dọ́gba.

Láti ìgbà tí fíìmù ti jáde, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n san ₦2,500,000 sínú àpò olówó. YouTube, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ìpín tiwọn, mú ₦4,300,000 wá sínú àpò oníṣẹ́, torí pé ìkànnì rẹ̀ ló wà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦6,800,000. Wọ́n ṣì jẹ ẹni tó ṣe ẹdíìtì ní ₦300,000, wọ́n sì jẹ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù ní ₦100,000.

Ẹ kọ́kọ́ yọ gbèsè àwọn òṣìṣẹ́ kúrò: ₦6,800,000 dín ₦400,000, ó ku ₦6,400,000. Ẹ dá ₦6,000,000 olówó padà, ó ku ₦400,000. Ẹ pín in sí méjì: ₦200,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ₦6,200,000 ló tọ́ sí olówó, ₦2,500,000 sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ku ₦3,700,000 tí oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un. Oníṣẹ́ ní ₦4,300,000 lọ́wọ́. Tó bá san ₦3,700,000 yẹn, tó sì san ₦400,000 àwọn òṣìṣẹ́, ó ku ₦200,000 tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìṣirò pé.

Ó dájú pé oníṣẹ́ máa pariwo níbí. Ó máa ní iṣẹ́ òun tó jẹ́ ₦4,000,000 ńkọ́? Ẹjọ́ rẹ̀ ì bá lẹ́sẹ̀ ká ní àdéhùn kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó máa kọ́kọ́ gba owó. Tí wọ́n bá ti fẹnu kò pé iye tí kálukú mú wá ni wọ́n máa fi pín owó, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti olówó, ìyẹn ₦3,840,000, oníṣẹ́ á sì gba ₦2,560,000. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú àdéhùn ló mú ìyàtọ̀ ₦2,360,000 wá. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣe fi àánú yí ìṣirò yìí padà. Tí ẹ bá fẹ́ fún oníṣẹ́ ní nǹkan lé e, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, kí ẹ má pè é ní ohun tó tọ́ sí i.

Owó tó ń bọ̀ ló kàn. Ẹni tó ń jáde, ìyẹn olówó nínú àpẹẹrẹ wa, ní ìdajì nínú èrè ọjọ́ iwájú, ìdajì yẹn ni oníṣẹ́ tó dúró fẹ́ rà. Ẹ wo owó tí YouTube mú wá láàárín oṣù méjìlá tó kọjá. Ká ní ó jẹ́ ₦1,200,000. Owó fíìmù àtijọ́ a máa lọ sílẹ̀ ni, nítorí náà àwọn méjèèjì gbà pé ọdún tó ń bọ̀ máa mú ₦1,200,000 wá, èyí tó tẹ̀ lé e ₦800,000, ẹ̀kẹta ₦500,000. Ó jẹ́ ₦2,500,000. Ìdajì rẹ̀, ₦1,250,000, ni owó ìràpadà. Kò sí òfin kankan tó sọ pé ọdún mẹ́ta ni kí ẹ kà. Tí fíìmù bá ní olùrà tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, iye tí olùrà yẹn fẹ́ san ló yẹ kó wọnú ìṣirò.

Ẹ wò ó báyìí: ₦3,700,000 jẹ́ gbèsè, ₦1,250,000 jẹ́ owó ìràpadà. Ẹ má pò wọ́n pọ̀ di ₦4,950,000 nínú ìwé. Tí owó ìràpadà kò bá ṣeé san, ẹni tó ń jáde lè fọwọ́ mú ìdajì rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n gbèsè, tirẹ̀ ni láti ìsinsìnyí, ó lè béèrè fún un bí ìpínyà bá tiẹ̀ forí ṣánpọ́n.

Nípa ọjọ́ tí ìṣirò máa dúró sí, ẹ yan òpin oṣù. AdSense tí YouTube fi ń sanwó máa ń parí ìṣirò oṣù kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì máa ń san owó láàárín ọjọ́ 21 sí 26. Tí ẹ bá yan àárín oṣù, ẹ ó jókòó máa jiyàn lórí ọjọ́ tí wọ́n wo fíìmù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ro owó tó wà lọ́wọ́ kálukú lẹ́yìn tí gbogbo sísan bá parí. Ṣé ó bá ohun tó tọ́ sí kálukú mu? Ṣé kò sí òṣìṣẹ́ kankan tí ẹ ṣì jẹ?

Ìpele 4: Ẹ pinnu ibi tí fíìmù máa gbé

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èyí tó dára jù ni pé kí ẹnìkan ra ìpín ẹnì kejì tán pátápátá. Èkejì ni pé kí ẹ jọ máa ni ín lọ, ṣùgbọ́n kí ẹnìkan ṣoṣo ní àṣẹ láti tà á, kó máa fi ìṣirò ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ̀kẹta, kí ẹ pín ẹ̀tọ́ náà: YouTube fún ọ̀kan, tẹlifíṣọ̀n fún èkejì. Èyí kẹta yìí ló máa ń dùn lẹ́nu jù, òun náà ló máa ń bàjẹ́ jù. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ra fíìmù fún ìkànnì tiwọn sábà máa ń ní kí fíìmù má sí lọ́fẹ̀ẹ́ níbòmíì. Bí ẹni tó ni YouTube bá kọ̀ láti yọ ọ́, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ yòókù kò ní nǹkan kan tó lè tà.

Fún àpẹẹrẹ wa, oníṣẹ́ ni kó rà á. Ìkànnì rẹ̀ ni fíìmù wà, ìtàn sì jẹ́ tirẹ̀. Tó bá jẹ́ olówó ló fẹ́ rà á, ó gbọ́dọ̀ ra ẹ̀tọ́ lórí ìtàn náà mọ́ ọn nínú ìwé kan náà, ó sì gbọ́dọ̀ gbà pé iye àwọn tó ti wo fíìmù kò ní bá a lọ.

Ní ti ìwé tí ẹni méjì jọ kọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìwé náà ṣeé yà sọ́tọ̀. Bí ẹnìkan bá kọ orí 1 sí 6, tí èkejì kọ ìyókù, kálukú lè mú tirẹ̀ lọ, orúkọ ìwé nìkan ni ẹ máa jíròrò lé lórí. Bí ẹ bá jọ kọ gbólóhùn rẹ̀ pọ̀ débi pé kò ṣeé yà, ọ̀nà mẹ́ta òkè yẹn náà ni, ẹ sì rántí pé ẹ̀tọ́ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó bá kú kẹ́yìn nínú yín. Tí ẹ bá ti gbé ìwé náà fún atẹ̀wétà, ìpínyà yín kò fọ́ àdéhùn tí ẹ bá a ṣe. Ohun tí ẹ lè yí padà ni ẹni tí owó máa lọ bá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* tí olùrà bá dé lọ́la, ṣé ẹnìkan ṣoṣo ló máa fọwọ́ sí ìwé? Tó bá jẹ́ pé ẹni méjì ṣì gbọ́dọ̀ pàdé, ẹ kò tíì tú ká.

Ìpele 5: Ẹ kọ ìwé ìpínyà

Òfin sọ pé gbígbé ẹ̀tọ́ àdàkọ fún ẹlòmíì kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi tó bá wà ní kíkọ. "Mo ti fi sílẹ̀ fún ẹ" tí ẹ fi ohùn sọ lórí WhatsApp kò gbé nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà tó mọ iṣẹ́ yìí kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ mú ohun tí ẹ fẹ́ lọ bá a. Àwọn gbólóhùn tó gbé e dúró rèé, bí mo ṣe máa kọ wọ́n fún àpẹẹrẹ wa:

> Àdéhùn àjọṣe tí a ṣe lórí fíìmù yìí parí láti òní.
>
> Olówó gbé gbogbo ìpín rẹ̀ nínú ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí fíìmù náà, ní gbogbo ilẹ̀ ayé àti fún gbogbo ìgbà tí ẹ̀tọ́ náà bá fi wà, fún oníṣẹ́. Èyí kan àwòrán tí a yà tí a kò lò, ohùn, pósítà àti orúkọ fíìmù.
>
> Gbígbé yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ₦1,250,000 bá pé sínú àpò olówó, kì í ṣe ṣáájú ọjọ́ náà.
>
> Gbèsè ₦3,700,000 jẹ́ sísan lọ́tọ̀, kò sì dá lórí gbígbé ẹ̀tọ́ yìí.
>
> Olówó jẹ́rìí pé òun kò tíì ta fíìmù náà fún ẹnì kankan yàtọ̀ sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ tó so mọ́ ìwé yìí.
>
> Orúkọ olówó máa wà nínú fíìmù náà bó ṣe wà lónìí.

Gbólóhùn kẹta ni kí ẹ fojú sí jù. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀tọ́ lọ lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ sí ìwé, tí owó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó jáde ti di ẹni tí wọ́n jẹ lówó lásán. Kò lè gba fíìmù padà, àfi kó máa pe ẹjọ́ owó. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀tọ́ bá dúró títí owó fi pé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Gbólóhùn karùn-ún ló ń dáàbò bo ẹni tó dúró. Torí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ti ta fíìmù lẹ́yìn ẹnì kejì, ìtajà tó ti wáyé ṣáájú ṣì lè de fíìmù náà. Bí ẹni tó jáde bá fi ọ̀kan pamọ́, gbólóhùn yìí ni wọ́n máa fi bi í.

Nípa orúkọ: ẹ má kọ pé wọ́n máa yọ orúkọ ẹni tó kọ ìtàn tàbí tó jọ kọ ìwé kúrò. Ẹ̀tọ́ kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí òǹkọ̀wé lè gbé fún ẹlòmíì nígbà tó wà láàyè. Àwọn méjì tó ń jà a máa fẹ́ pa orúkọ ara wọn rẹ́, mo sì mọ̀ bí inú ṣe ń bí èèyàn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa fi dá ẹjọ́ tuntun sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú bóyá ẹni tó ń jáde lè ṣe apá kejì, bóyá ó lè lo orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn, àti ẹni tó máa san tí òṣèré kan bá jáde lọ́la pé wọn kò san owó òun.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fún ẹnìkan tí kò mọ ìjà yín rárá ní ìwé náà kó kà á. Kó sọ fún yín ẹni tó ni fíìmù, ọjọ́ tó di tirẹ̀, àti iye tí ẹnìkan jẹ ẹnì kejì. Tó bá ṣi ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ dá ìwé padà fún lọ́yà. Nígbà tí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí lọ́yà gbé e lọ fún sítáǹpù.

Ìpele 6: Ẹ gbé nǹkan fún ara yín

Ìwé nìkan kò gbé fíìmù. Háàdì dírááfù tí àwòrán tí ẹ yà wà nínú rẹ̀, fáìlì ẹdíìtì, fíìmù tó ti parí ní ìwọ̀n tó tóbi jù, ohùn tí kò ní ọ̀rọ̀ òṣèré nínú, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àti fáìlì pósítà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó dúró. Ohùn tí kò ní ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ láìsí i, kò sí bí ẹ ṣe máa fi èdè míì sọ fíìmù náà láìtún gbogbo orin àti ìró ṣe.

Ẹ má fọwọ́ sí i pé ẹ ti gba dírááfù kí ẹ tó ṣí i. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ṣe ẹdíìtì, kí ẹ ṣí fáìlì iṣẹ́ náà, kí ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí ẹ bá ti rí `Media Offline`, àwòrán ibẹ̀ kò sí lórí dírááfù yẹn.

Tí ìkànnì YouTube bá jẹ́ ti ẹni tó ń jáde, tí ẹ sì gbà pé kó gbé gbogbo ìkànnì náà sílẹ̀, ẹ ṣe é nípasẹ̀ `Brand Account`, irú àkáǹtì tí ẹni tó ju ọ̀kan lọ lè jọ máa darí. Ẹni tuntun gbọ́dọ̀ ti jẹ́ oníkànnì fún ọjọ́ méje kó tó lè di olórí rẹ̀, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìsanwó. Fífún ara yín ní páswọ́ọ̀dù kò tó, ẹni tó ni ímeèlì lè gbà á padà nígbàkígbà. Ẹ sì béèrè bóyá alágbàtà kan ti fi fíìmù náà sínú `Content ID`, ètò tí YouTube fi ń dá fíìmù mọ̀ níbikíbi tí wọ́n bá gbé e sí lórí rẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, owó lè ṣì máa lọ bá ẹni tó jáde láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ jọ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, alágbàtà, NFVCB, àti Àjọ Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti Nàìjíríà tí ẹ bá ti fi iṣẹ́ náà tó wọn létí. Lẹ́tà náà kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: fíìmù yìí, láti ọjọ́ yìí, ẹni yìí ló ni ín, sínú àpò yìí ni kí owó máa lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* owó àkọ́kọ́ tó wọlé lẹ́yìn ìpínyà, inú àpò ta ló wọ̀? Tó bá wọ inú àpò ẹni tó jáde, lẹ́tà kan kò dé ibi tó yẹ.

Tí ẹnì kejì bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i

Ẹ má fi fíìmù halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ lẹ́tà tó ní ìṣirò Ìpele 3 nínú, kí ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹ fi lè mú ẹ̀rí wá pé ó gbà á. Tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ bíi TAMPAN, ẹ lè gbé e lọ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà inú iṣẹ́ bá dá sí a máa yanjú kíákíá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ fún yín lẹ́nu, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ní Èkó, Lagos Multi-Door Courthouse, tó ti wà láti 2002, máa ń bá èèyàn parí aáwọ̀ láìsí pé adájọ́ jókòó.

Tó bá di ẹjọ́ gidi, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni òfin orílẹ̀-èdè fún láṣẹ lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé lọ sí ilé ẹjọ́ tí kò láṣẹ lè forí ṣánpọ́n lẹ́yìn ọdún púpọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà yín, kó tó kọ nǹkan kan, ilé ẹjọ́ tó fẹ́ gbé e lọ àti ìdí tó fi yàn án.